Ìbéèrè mẹ́ta tó jẹ́ ká mọ ọjà tó yẹ ká fi kún àkàrà

Ògì tútù, mọ́ínmọ́ín tàbí sóbò ni a fẹ́ fi kún àkàrà tí a ń tà. A bi àwọn oníbàárà pé, “Ṣé ẹ máa rà á?” Gbogbo wọn ní àwọn á rà á, ojú máa ń ti èèyàn láti sọ pé rárá lójú ẹni tó ń tajà. A bi wọ́n lórí Wáásáàpù, àwọn ọ̀rẹ́ nìkan ló dáhùn.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni 40 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó tán la bi: “Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ rà níbòmíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá? Èló lẹ rà á? Bí ẹ bá máa mú ẹyọ kan níbí, èwo ni?” À ń pààrọ̀ èyí tí a kọ́kọ́ ń dárúkọ, torí bí a ṣe tò wọ́n lè nípa lórí èyí tí èèyàn máa mú.

Ẹni 19 mú ògì, 8 mú mọ́ínmọ́ín, 5 mú sóbò, àwọn 8 yòókù kò mú ìkankan. Kí a tó ra àgbàdo, a ní kí àwọn 19 náà san díẹ̀ sílẹ̀, 11 san. Ìwọ̀n ẹni 11 la ṣe, ó sì tán. Bí ọjà méjì bá sún mọ́ra gan-an, ẹni 40 kò tó láti fi yàn. Ẹ dán méjèèjì wò díẹ̀díẹ̀.