Kóòdù tó lọ bá olè lápò

Owó tí mo ná lórí síìmù tuntun ò dùn mí tó ìjókòó tí mo jókòó. Ọ̀jọ́ta ni wọ́n ti yọ fóònù mi lápò. Kíá ni mo gba ti àbúrò mi, mo tẹ android.com/find láti wá ibi tí tèmi wà, mo fi ìméèlì àti páswọ́ọ̀dù mi sí i. Gbogbo rẹ̀ pé. Ló bá ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi, kí n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nọ́ńbà wo? Èyí tó wà lọ́wọ́ olè!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gba síìmù yẹn padà," ni àbúrò mi wí. Ẹnu ló rọrùn fún. Ní ọ́fíìsì tí mo lọ, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ò lọ. Nígbà tó lọ, wọ́n ní NIN mi ò tíì jáde lójú kọ̀ǹpútà, kí n lọ jókòó. Ẹni tó dé lẹ́yìn mi ṣe tirẹ̀, ó sì lọ. Kí síìmù náà tó ṣiṣẹ́ kí n sì rí wọlé, olè ti pa fóònù. Ibi tó wà kẹ́yìn kó tó kú ni máàpù ń fi hàn mí.

Torí náà, kóòdù ni mo kọ́kọ́ bójú tó nígbà tí mo ra tuntun. Títan Find Hub, ohun tí Google fi ń wá fóònù tó sọnù, ò le: ẹ wọ Settings, Google, All services, ó wà níbẹ̀. Ẹ tan lókéṣọ̀n pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ò dé ni Backup codes, lábẹ́ 2-Step Verification nínú àkáǹtì Google yín. Kóòdù 10 ni wọ́n máa fún yín láti lò dípò èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bébà ni mo kọ tèmi sí, ìyàwó mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù kan náà, olè ló ń bá tọ́jú ẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni Remote Lock, nínú Theft protection, lórí Áńdíróọ̀dù 10 sókè. Tí ẹ bá ti tàn án sílẹ̀, ẹ ò nílò páswọ́ọ̀dù. Ẹ gba fóònù ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ android.com/lock, ẹ fi nọ́ńbà yín sí i. Mo dán an wò lórí fóònù àbúrò mi, ojú tèmi sì tì pa lójú wa. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àmọ́ fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó gbọ́.

Ẹ má tètè nù ún o. Tí ẹ bá ti ní kó pa gbogbo nǹkan orí rẹ̀ rẹ́, Find Hub ò ní rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú mẹ́mórì káàdì lè má parẹ́. Tí fóònù bá wà ní pípa, àṣẹ náà á dúró dìgbà tó bá padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi á kọ́kọ́ tì í pa ná, kí n pe báńkì mi, kí n tó ronú kan nínù.