Bí mo ṣe ṣa ìwé nípa ìbẹ̀rù ìdánwò fún àbúrò mi

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàwé o, àmọ́ bí mo bá ti ṣí bébà ìdánwò báyìí, gbogbo ẹ̀ á fò lọ." Ohun tí àbúrò mi wí nìyẹn nígbà tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo yá ìwé mẹ́rin ní láíbìrì, mo sì kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n fúnra mi.

N kò kà wọ́n tán. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo mú ìmọ̀ràn kan tó ní kí ọmọ ṣe nǹkan pàtó, mo wá ṣí ẹ̀yìn ìwé láti wo ẹni tó dán an wò rí àti irú àwọn tí wọ́n fi dán an wò.

Mẹ́ta ló ní kó dúró níwájú dígí, kó máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀jáfáfá. Ẹ̀rí wọn kò ju ìtàn ọmọ kan tó gbégbá orókè lọ. (Àwọn tó wo dígí tí wọ́n sì fìdí rẹmi, ta ló kọ ìtàn tiwọn?) Lọ́dún 2009, Joanne Wood, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Gbólóhùn "ẹni tó ṣeé fẹ́ràn ni mí" ni wọ́n lò, kì í ṣe ti ìdánwò. Àwọn tí kò ka ara wọn sí tẹ́lẹ̀, ṣe ni inú wọn túbọ̀ bàjẹ́.

Ìwé kẹrin ní kí ọmọ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀ kó tó wọ ìdánwò. Ó tọ́ka sí ìwádìí tí Ramirez àti Beilock ṣe lórí rẹ̀ lọ́dún 2011, ó sì fi kún un pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó tún un dán wò lẹ́yìn ìgbà náà ló rí èsì kan náà. Gbólóhùn yẹn ló mú kí n gbà á gbọ́.

Òun náà ló mẹ́nu kan ìwádìí Roediger àti Karpicke ti ọdún 2006. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ka ẹ̀kọ́ lákàtúnkà rántí ju àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n dán ara wọn wò lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ló léwájú. Ìyẹn ni pé àkàtúnkà lè mú kí èèyàn rò pé òun ti mọ ohun tí kò tíì dúró sí òun lọ́pọlọ.

Ọ̀rọ̀ yìí mú kí n fura pé bóyá kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń da àbúrò mi láàmú. Mo gba ìwé bàọ́lọ́jì lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní bébà òfìfo, mo ní, "Kọ gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa kíndìnrín." Ilé dákẹ́, kò sí aago, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìlà mẹ́rin péré ló kọ. Alẹ́ àná ló ka orí yẹn tán lẹ́ẹ̀kẹta.

A dá ìwé mẹ́ta padà. Lálaalẹ́ ló ń pa ìwé dé báyìí, tó ń kọ ohun tó rántí kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń fi aago sí ìbéèrè ọdún àtijọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bí mo bá ti tẹ aago. Àmọ́ ó kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀.