Kí ló yẹ kó ṣáájú: àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni, àbí orúkọ òwò?

Lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò àti páálí ọjà ni mo máa ń yà, fún àwọn tó ń ṣe sóbò, ata gígún àti ọṣẹ dúdú. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀ wọ́n. Èmi nìkan ni mò ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún mi. Ohun tí àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń bi ara wa ni pé èló lèèyàn gbọ́dọ̀ máa pa kó tó lọ forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Nígbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé iye owó kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Owó yíyà sọ́tọ̀ ló kọ́kọ́ kàn, kò sì nílò ìwé CAC kankan.

Mo gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi ti ọdún kan ní báǹkì, mo sì fi báírò oríṣiríṣi sàmì sí gbogbo owó tó wọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,800,000. Ẹni tó bá rí i yóò sọ pé mo ti là. Ṣùgbọ́n ₦3,600,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí oníbàárà kàn gba ọwọ́ mi san. ₦1,100,000 jẹ́ owó aṣọ ẹbí, nítorí èmi ni akápò nígbà ìsìnkú ìyá àgbà wa. ₦600,000 jẹ́ àjọ tí mo kó. Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi gan-an kò ju ₦1,500,000 lọ.

Mo wá fi òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2026 wọ̀n ọ́n. Bí mo bá yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò, ìyẹn dátà, epo jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ Ṣómólú àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ ₦400,000, ó ku ₦1,100,000. Òfin kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦300,000 tó kù, ₦15 ni lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦45,000. Ká wá ní mi ò lè fi ẹ̀rí ya owó yẹn síra, tí wọ́n ka gbogbo ₦6,800,000 sí èrè mi, owó orí náà á ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n gbéra.

Mo lọ ṣí àkáǹtì kejì ní báǹkì mìíràn, ní orúkọ tèmi. BVN àti NIN ni wọ́n béèrè. Láti ìgbà náà, gbogbo owó oníbàárà ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni owó atẹ̀wé ń gbà jáde. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń fi owó kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé, màá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó oṣù mi ni. Mi ò ra ìrẹsì nínú àkáǹtì iṣẹ́ rí. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ nílé, màá kọ́kọ́ fi owó náà ránṣẹ́ sí ara mi, kí n tó ná an láti ibẹ̀. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ báǹkì ṣeé kà láìsí àlàyé.

Ní ti orúkọ òwò, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 là á yé wa. Ẹni tó bá ń fi kìkì orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ ṣòwò kò sí lábẹ́ dandan láti forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá ti lo orúkọ mìíràn, dandan ni, láàárín ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Ní tèmi, orúkọ àbísọ mi ló wà lórí ínfọ́ìsì títí di ìgbà tí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan fún mi níṣẹ́. Ìyá tó ń mójú tó owó wọn pè mí.

"Àbúrò, a kì í san owó kọ́ńpáànì sí àkáǹtì ẹnìkan. Mú ìwé CAC wá."

"Ẹ ṣeun, mà. Ṣé orúkọ òwò ti tó, àbí kọ́ńpáànì gan-an lẹ fẹ́?"

"Orúkọ òwò ti tó. Ṣáà rí i pé orúkọ inú ínfọ́ìsì àti ti àkáǹtì bára mu."

Ẹnìkan ṣoṣo lè dá kọ́ńpáànì sílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, gbèsè kọ́ńpáànì kì í sì í wọ ilé ẹni. Orúkọ òwò kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀: bí mo bá tẹ nọ́ńbà NAFDAC tó ṣì sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lébẹ́ẹ̀lì, tí oníbàárà sì pè mí lẹ́jọ́, dúkìá tèmi ni màá fi san án. Àmọ́ ìwé ọdọọdún kọ́ńpáànì pọ̀ ju agbára mi lọ, oníbàárà sì máa ń fọwọ́ sí àwòrán kí n tó gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé. Orúkọ òwò ni mo mú. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fi gbèsè ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mi ò ní dúró lórí orúkọ òwò mọ́.

Kí n tó fọwọ́ kan pọ́tà CAC, mo yẹ orúkọ mi wò nínú NIN àti BVN, nítorí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè dá gbogbo rẹ̀ dúró ní báǹkì. Mo fi orúkọ méjì sílẹ̀ kí wọ́n mú ọ̀kan. Orúkọ tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń dì í mú fún èèyàn. Lẹ́yìn náà ni àdírẹ́sì, irú òwò, fọ́tò, ìbuwọ́lùwé àti owó sísan. Ìwé ẹ̀rí tó jáde ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN.

Báǹkì gba ìwé ẹ̀rí náà, ìwé tó fi hàn ẹni tó ni òwò, káàdì ìdánimọ̀, bíìlì iná, nọ́ńbà owó orí àti ẹlẹ́rìí méjì tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. Kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ṣí fún mi. Wọ́n lè yọ tó náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kan tí mo bá ná níbẹ̀, nítorí náà ₦3,600,000 owó atẹ̀wé lè jẹ mí tó ₦3,600 lọ́dún.

Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ náà san owó iṣẹ́ mi. ₦450,000 ni mo kọ, ₦427,500 ló wọlé. Wọ́n ti yọ ₦22,500 fún ìjọba. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí owó yẹn ń dín owó orí tèmi kù. Orúkọ òwò kò sọ mí di ẹlòmíràn lójú agbowó orí: èmi fúnra mi ni màá ṣì kọ ìwé sí Ìpínlẹ̀ Èkó kó tó kọjá Oṣù Kẹta ọjọ́ 31. Láti ọdún kejì, màá tún máa kọ ìròyìn ọdọọdún sí CAC kó tó di Oṣù Kẹfà ọjọ́ 30. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, pọ́tà lè fi `INACTIVE` sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, báǹkì àti oníbàárà ńlá sì máa ń yẹ ibẹ̀ wò.

Mi ò ti àkáǹtì kejì tó wà ní orúkọ mi. Ibẹ̀ ni mò ń kó owó orí sí báyìí, ₦5 nínú ₦100 owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, tó bá ti ń wọlé.