Bí ohùn ọmọ yín bá ń sunkún lórí fóònù pé kí ẹ tètè fowó ránṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ní Ìsánlú ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù kẹta ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kajú, owó wà ní akáńtì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó sì ti kọ ọ́ sórí Facebook pé òun ń bọ̀ wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nọ́ńbà tí ìyá kò mọ̀ pè é. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́: "Màámi, Màámi, tírélà sìmẹ́ǹtì kọlù wá lẹ́yìn Obájànà, fóònù mi ti fọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni…" Ẹkún gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ìyá tó béèrè ohunkóhun, ọkùnrin mìíràn ti gba fóònù. Ó ní òun ni dókítà ní ọsibítù kan ní Kàbà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọmọ náà, àwọn kò sì ní fọwọ́ kàn án àfi tí 380,000 náírà bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà akáńtì.

Kò sí ohun kan nínú ìtàn yẹn tí kò lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wa. Ta ni kò mọ bí tírélà ṣe ń sáré láàárín Lọ́kọ́ja sí Kàbà, ta ni ọ̀rọ̀ ajínigbé kò tíì bà lẹ́rù? Ọmọ yẹn kọ́ ló pè, olè ni, ohun tá a ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ló sì mú lò. Ohùn ọmọ náà kò sì ṣòro fún un láti rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ Microsoft kéde ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní VALL-E, tó lè sín ohùn èèyàn jẹ lẹ́yìn tó bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ̀rí tí ọmọ yín jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé sórí Facebook, tàbí ohùn tó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ọmọ ìlú, ó ti ju ohun tí wọ́n nílò lọ.

Torí náà, ẹ má fi etí yín ṣe ìdájọ́. Àwọn kan máa ń ní kéèyàn fetí sí bóyá ohùn náà ń mí, bóyá ó dún bí ẹ̀rọ. Èmi kò gbára lé ìyẹn. Fóònù fúnra rẹ̀ máa ń gé ohùn kù, nẹ́tíwọ̀kì tiwa níbí sì máa ń já, ẹkún á wá bo èyí tó kù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni bí wọ́n ṣe to ìpè náà. Ohùn ọmọ yín á sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹlòmíràn á gba fóònù. Wọn kò ní fún yín láyè láti ronú. Wọ́n á ní ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ rí ni owó sì máa lọ. Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀ nínú ìpè ìyá yìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ pa ìpè náà. Èyí ló le jù, torí kò sí òbí tó rọrùn fún láti pa fóònù mọ́ ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu. Ẹ wá àwáwí sílẹ̀ fún un: "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wá gíláàsì mi kí n lè kọ nọ́ńbà yẹn, màá pè yín padà." Bí ẹ bá ráyè kọ nọ́ńbà akáńtì náà sílẹ̀, ó dáa, ọlọ́pàá lè nílò rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ má pa á, wọ́n á kígbe, wọ́n tiẹ̀ lè jẹ́ kí ẹkún náà le sí i. Ẹ pa á. Bó bá jẹ́ dókítà gidi ni, yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà ọmọ yín tó ti wà nínú fóònù yín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi pè yín. Ìpè lásán ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ má lo WhatsApp. Ìdí ni pé bí olè bá ti gba WhatsApp ọmọ yín, àwòrán rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ lẹ máa rí, àmọ́ olè ló máa gbé ìpè náà. Bí wọ́n ṣe ń gbà á kò le: wọ́n á tan ọmọ náà kó fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí i, bóyá kí wọ́n sọ pé ìpàdé àwọn ọmọ ìlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ fi mú un wọlé. Ìpè lásán ń tọ síìmù lọ. Ọ̀nà kan wà tí ìyẹn náà lè gbà yà: bí wọ́n bá ti tan ọmọ náà tẹ kóòdù kan tó ń darí ìpè rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí òun fúnra rẹ̀ máa tẹ `*#21#` lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ìpè rẹ̀ ń yà. `##002#` ló ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá lọ ńkọ́? Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, torí wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n ti sọ pé fóònù rẹ̀ fọ́." Bátìrì lè ti tán. Ó lè wà ní ibi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, ibẹ̀ sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Àwọn olè míì tiẹ̀ máa ń fi ìpè da ọmọ náà láàmú títí á fi pa fóònù. Ẹ pe ẹni tó lè fojú rí i: ìyàwó rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, dírẹ́bà tó máa ń gbé e wálé. Ní ti ọsibítù, Kàbà kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi ní rí ẹbí kan tí yóò gun ọ̀kadà lọ wò ó. Ìyá tiwa yìí pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ní, "Ẹ káalẹ́ mà, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀la la máa gbéra."

Bí ẹ kò bá tíì lè pa ìpè náà, tí ohùn yẹn sì ṣì ń dá yín lóhùn, ẹ béèrè ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀. "Ṣé o ti fún àbúrò rẹ ní ẹ̀rọ ìlọta tó o rà fún un?" Kò sì ra ẹ̀rọ kankan. Ọmọ yín á ní, "Ẹ̀rọ wo?" Olè á ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìbéèrè yìí sàn ju orúkọ ìyá àgbà tàbí ọjọ́ ìbí lọ, torí ìwọ̀nyẹn wà lórí Facebook.

Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nílé, Ìyé ni ọmọ yìí ń pe ìyá rẹ̀, Yàgbà ló sì ń bá a sọ. Lórí fóònù ó di Màámi, Yorùbá ilé ìwé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi èdè ilé yín bi í léèrè ọ̀rọ̀, yálà Yàgbà ni o, Owé ni o, Ìjùmú tàbí Bùnú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́ dáadáa, àmì ohùn wa sì máa ń dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n ó níbi tí ọgbọ́n yìí mọ. Ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé olè fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rọ á kàn yí ohùn rẹ̀ padà sí ti ọmọ yín. Bí ọmọ Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ bá ni olè náà, yóò sọ Yàgbà fún yín dáadáa. Bó bá kùnà, irọ́ ni. Bó bá sọ ọ́ dáadáa, ẹ ṣì pe nọ́ńbà ọmọ yín.

Fídíò kò yàtọ̀. Ní Hong Kong, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ Arup wọ ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là. Gbogbo ojú tó rí nínú ìpàdé náà yàtọ̀ sí tirẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ó sábà máa ń jẹ́ fídíò kúkúrú tó ṣú, tó máa já lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ẹ lè ní kó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá, tàbí kó fọwọ́ kọjá níwájú ojú rẹ̀. Ojú tí ẹ̀rọ ṣe máa ń dàrú níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ tuntun ti ń borí èyí náà.

Bí ẹ bá ti dé orí ẹ̀rọ báńkì, tàbí ẹ ti wà níwájú oní-POS, ẹ dúró kí orúkọ tó ni akáńtì náà jáde. Ẹ kà á sókè. Ọsibítù ìjọba kì í gba owó sínú akáńtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Bí wọ́n bá ní ti nọ́ọ̀sì ni, tàbí ti oní-POS tó wà lẹ́nu géètì, ẹ má san án.

Tí owó bá ti lọ, ìṣẹ́jú ni ẹ ń kà báyìí, torí owó ń wọlé lójú ẹsẹ̀, olè sì máa ń pín in káàkiri kíákíá. Ẹ pe báńkì yín ní nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, ẹ sọ pé gbájú-ẹ̀ ni, kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó náà láti dì í mú. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà tí wọ́n kọ Session ID sí lára rìsíìtì orí fóònù yín. Nọ́ńbà 30 ni, òun ni wọ́n fi ń tọpa owó náà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ lọ sí tésàn, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sí nccc.npf.gov.ng, ti ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kódà bí wọ́n bá di owó náà mú, báńkì lè ní àfi kẹ́ ẹ mú ìwé láti kóòtù wá kí wọ́n tó dá a padà. Ẹni tó bá pè yín lẹ́yìn ìyẹn pé òun máa bá yín gba owó náà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san nǹkan díẹ̀, olè kejì ni.

Nígbà tí gbogbo yín bá jọ wà nílé, ní Kérésìmesì tàbí ọjọ́ Àjíǹde, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó bá wà nínú wàhálà máa sọ. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ fún ara yín, kó má ṣe wọ WhatsApp láé. Kí àwọn ọmọ tún ṣí Two-step verification nínú Settings WhatsApp wọn, kí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan má baà tó fún olè mọ́.

Ó ku ẹni tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí lóòótọ́, tó ya fóònù pè wálé. Kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé yẹn, kó sọ ibi tó wà gan-an, kó sọ orúkọ ẹni tó ni fóònù náà, kó wá ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì rán ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ wá.