Bí Mo Ṣe Dán Ìpara Ewé Tíì Wò Lára Apá Mi

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo ra ìpara olóòórùn dídùn kan ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá tó ń tà á ní àdí àgbọn àti òróró ewé tíì nìkan ni àwọn fi pò ó. Wọ́n ní, "Ewé lásán ni, ọmọ mi, kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan." Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò fi pa ojú, nítorí pé sítíráàlì, èròjà tó ń mú kí ewé tíì máa ta sánsán, wà lára ohun tí awọ ẹlòmíràn máa ń kọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, mo fi ìwọ̀nba tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ pa inú apá òsì mi, nísàlẹ̀ ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ká, mo sì fi bírò fa òbìrí yí i ká. N kò fi pílásítà bò ó. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo pinnu láti máa fi pa ibẹ̀ fún ọjọ́ méje, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo apá wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ irú àlẹ́jì yìí sábà máa ń pẹ́ tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó jáde. (Ká ní ọṣẹ dúdú ni, mo máa ṣan án kúrò láìpẹ́ ni, nítorí ọṣẹ tó pẹ́ lára lè jó ẹnikẹ́ni.)

Ní alẹ́ ọjọ́rú, kò sí nǹkan kan. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Awọ dúdú bíi tèmi kì í sábà pọ́n kedere, nítorí náà ìka ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò: ibẹ̀ gbóná, ó rí ṣákiṣàki bíi pé gàrí wà lábẹ́ awọ, ó sì dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Mo fi ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́, mo sì dá ìpara náà dúró. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti sú wẹ́wẹ́ kọjá òbìrí bírò náà ní ìwọ̀n ìka kan. Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé àlẹ́jì ni nìyẹn, nítorí pé ohun tó kàn jó awọ sábà máa ń ta ènìyàn kíákíá, kì í kọjá ibi tó kàn, ó sì máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́.

Apoògùn àdúgbò wa fún mi ní ìpara haidirokọ́tísóònù ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní bí ètè tàbí ojú bá wú, tàbí tí mímí bá nira, kí n má ṣe dúró, ilé ìwòsàn ni kí n sáré lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ìyúnra náà tán, àmọ́ àpá dúdú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí apá náà jinná, mo fi àdí àgbọn nìkan dán apá ọ̀tún wò fún ọjọ́ méje. Kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí náà òróró ewé tíì ni mo fura sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà awọ nìkan ló lè dárúkọ èròjà náà gan-an. Mo padà lọ sọ fún ìyá náà. Wọ́n yẹ apá mi wò títí, wọ́n sì po àdí àgbọn mọ́ òrí fún mi, láìfi ewé tíì sí i. Òní ló pé ọjọ́ kejì tí mo ti fi ń pa inú òbìrí bírò mìíràn.