Bí mo ṣe yọ ohun tí ICAN kò bi mọ́ kúrò nínú ìbéèrè àtijọ́

Fináńṣíà Rìpọ́tìn ni mo ń múra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó wà ní ìpele kejì ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbéèrè àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi sì pọ̀ ju àkókò tí mo ní lọ. Pathfinder ló pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ìwé tí ICAN máa ń gbé jáde lẹ́yìn ìdánwò, tí ìbéèrè, ìdáhùn àti ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò máa ń wà nínú rẹ̀. Níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó bá ti yege ló máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan nínú èyí tó kàn mí ti pẹ́ débi pé SAS ni wọ́n ń tọ́ka sí, ìlànà ìṣirò owó tí a ń lò ní Nàìjíríà kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó bọ́ sórí IFRS, ìlànà ìṣirò owó ti àgbáyé, ní 2012. Àwọn yẹn kò gba ìrònú, mo kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó le ni ti 2013 sí 2018, torí pé èdè IFRS ni wọ́n ń sọ, tí èèyàn bá sì wò wọ́n gààràgà, á rò pé ti òde òní ni.

Mo fa ìlà sí àárín ìwé àkọsílẹ̀ kan. Lápá òsì, mo kọ gbogbo àkòrí tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì tó wà lóde báyìí, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlànà tí sílábọ́ọ̀sì so mọ́ ọn. Lápá ọ̀tún, mo kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, máàkì rẹ̀, àti nọ́ńbà ìlànà tí ìdáhùn rẹ̀ tọ́ka sí. Ìdáhùn ni mo ń wò fún nọ́ńbà, n kì í wo orí ìbéèrè, nítorí ìbéèrè sábà máa ń sọ ìtàn lásán: ilé iṣẹ́ kan gba ẹ̀rọ lò fún ọdún mélòó kan, ó ń san báyìí lọ́dún. Inú ìdáhùn ni ìlànà tí wọ́n lò ti máa ń hàn. Nọ́ńbà tó bá wà lọ́tùn-ún tí kò sí lósì, mo yí i po.

Àwọn tí mo yí po kò pọ̀. IAS ni orúkọ tí àwọn ìlànà àgbáyé tó ti pẹ́ ń jẹ́. IAS 18, ti owó tó ń wọlé, àti IAS 11, ti iṣẹ́ kọ́ńtírátọ̀, wà níbẹ̀, IFRS 15 ló gba ipò wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018. IAS 17, ti ìyálò, wà níbẹ̀, IFRS 16 ló rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019. Ṣùgbọ́n pé ìlànà kan ti kúrò nílẹ̀ kò sọ pé àkòrí rẹ̀ bá a lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìyálò, èyí tí à ń pè ní líìsì, ṣàlàyé, torí òun ló gbà mí lákòókò jù.

Lábẹ́ IAS 17, ẹni tó yá nǹkan lò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ìyálò tó jẹ́. Bí àdéhùn náà bá jọ pé ó ra nǹkan ọ̀hún, fáínáǹsì líìsì ni, ó máa gbé e wọ ìwé ohun ìní àti gbèsè rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ́pérétìn líìsì ni, á kàn máa kọ owó tó ń san sílẹ̀ bí ìnáwó ọdún, kò ní hàn nínú gbèsè rẹ̀ rárá. Ìdáhùn àtijọ́ lè fi odidi ojú ewé jiyàn èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Fún ayálò, IFRS 16 ti fòpin sí àríyànjiyàn yẹn.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ kan tó gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́rin, tó ń san ₦1,000,000 ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, tí èlé sì jẹ́ 10%. Ìdáhùn àtijọ́ kò ju ìlà kan lọ: ìnáwó ₦1,000,000 lọ́dọọdún. Lónìí, a ó kọ́kọ́ wá iye tí owó ọdún mẹ́rin náà tó lónìí. Táábù tí a fi ń wá iye yẹn fún wa ní 3.170 láti fi sọ owó ọdún kan di púpọ̀, nítorí náà gbèsè ìyálò jẹ́ ₦3,170,000, ẹ̀tọ́ láti lo ṣọ́ọ̀bù náà sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ní iye kan náà. A ó pín ohun ìní yẹn sí ọdún mẹ́rin, ₦792,500 lọ́dún. Èlé ọdún kìíní lórí gbèsè jẹ́ ₦317,000. Ìnáwó ọdún kìíní wá di ₦1,109,500, nígbà tó bá sì san owó rẹ̀, gbèsè tó kù jẹ́ ₦2,487,000. Èlé ọdún kejì á sì rọ̀ sí ₦248,700, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa dín títí àpapọ̀ ìnáwó ọdún kẹta kò fi ní tó mílíọ̀nù kan mọ́.

Ìbéèrè kan náà ni o, ìdáhùn ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ju irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nù. Mo fa igi lé ìdáhùn tó wà nínú ìwé, mo sì tún un ṣe fúnra mi. (Àwọn onílé wa máa ń gba owó ṣáájú, bí ìbéèrè bá sọ bẹ́ẹ̀, a kì í dín iye owó àkọ́kọ́ kù, mẹ́ta tó kù nìkan là ń wá iye wọn lónìí.) Èyí tí mo pa rẹ́ pátápátá ni apá tó ní kí ayálò sọ bóyá fáínáǹsì tàbí ọ́pérétìn ni ìyálò rẹ̀.

Nígbà tí a pàdé láti kàwé pọ̀ ní Lágere, àbúrò kan nínú wa ti fẹ́ ya gbogbo orí náà kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ọ̀rọ̀ ọ́pérétìn líìsì ti tán?"

"Ó ti tán fún ayálégbé, kò tán fún onílé," mo dá a lóhùn. "Ojú ewé tí wọ́n ti ń bi ẹni tó ni nǹkan, má fọwọ́ kàn án."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. IFRS 16 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìṣirò ẹni tó ni nǹkan padà. Òun ṣì ń pín ìyálò sí méjì bíi ti IAS 17. Kódà fún ayálò, àyè kékeré kan ṣì kù: ìyálò tí kò ju oṣù méjìlá lọ, tí kò sì sí àǹfààní láti ra nǹkan náà, àti ti nǹkan tí kò wọ́n, bíi kọ̀ǹpútà tàbí àga ọ́fíìsì. Ó lè yàn láti kọ wọ́n bí ìnáwó lásán. Nítorí náà ká máa wo ẹni tí ìbéèrè ní ká ṣe ìṣirò fún, àti iye oṣù, ká tó fa igi.

Ti àwọn kọ́ńtírátọ̀ tó ń kọ́lé lábẹ́ IAS 11 kò fún mi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ irú èyí tí à ń ka owó rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìṣirò ìpín tí wọ́n ti ṣe jọ ti àtijọ́ púpọ̀, mo kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ohun tí IFRS 15 béèrè mu, mo sì yí orúkọ tí à ń pe owó tí oníbàárà ṣì máa san padà.

Ohun tí mo kọ̀ láti yọ ni àkòrí tó wà lápá òsì tí kò sí ìbéèrè kankan lọ́tùn-ún rẹ̀. Pé wọn kò tíì bi í kò sọ pé wọn kò ní bi í, sílábọ́ọ̀sì ló ní àṣẹ. Mo sì fi àmì sí IAS 1, tó wà nínú gbogbo ìbéèrè tó bá ní ká ṣe ìwé èrè àti àdánù, nítorí IFRS 18 ni yóò rọ́pò rẹ̀ fún ọdún ìṣúnná tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bá bọ́ sí àkókò yẹn, kí ó tún apá òsì kọ láti inú sílábọ́ọ̀sì tuntun kí ó tó fọwọ́ kan Pathfinder kankan.