Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé ń jẹ owó ìpamọ́ mi: níbo ló ti ń jò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ní Leeds, iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe. £300 ni mò ń fi ránṣẹ́ sí Màámi àti Bàámi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣooṣù. Mo fẹ́ kó owó ìwé ìgbé títí jọ, àmọ́ kò sí oṣù tí mi ò ní yọ nínú rẹ̀. £400 péré ló wà níbẹ̀. Ṣé kí n dín owó àwọn òbí mi kù ni?

Ìdáhùn: Má tíì fọwọ́ kan £300 yẹn, àbúrò. Èmi náà ṣe kíà fún ọdún mẹ́jọ. Ohun tí mo rí lára mi àti lára àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ni pé owó tá a ti dá lóṣooṣù kì í sábà dà wá láàmú. A ti mọ̀ ọ́n, a ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó tó di pé a sanwó ilé. Èyí tó ń jò ni èyí tá a ń fi ránṣẹ́ láàárín oṣù, lórí bẹ́ẹ̀dì, ní aago mọ́kànlá alẹ́, lẹ́yìn tí Màámi ti fi ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp.

Ṣí áàpù tí o fi ń ránṣẹ́, wá ibi tí àkọsílẹ̀ owó tó ti lọ wà, kí o da ti oṣù mẹ́ta tó kọjá kọ sínú ìwé. Kọ iye rẹ̀, kí o sì kọ ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má fi orí ṣírò o. Orí máa ń gbàgbé £25.

Ìbéèrè: Mo ti kọ ọ́. Yàtọ̀ sí £300 ti oṣooṣù: oṣù kẹfà, £40 (aṣọ ẹbí), £65 (owó tí àdúgbò dá fún tiransífọ́mà), £25 (oògùn Bàámi). Oṣù keje, £80 (owó ilé ìwé àbúrò mi), £30 (gáàsì), £50 (ìnáwó ìsìnkú ẹbí kan), £30 (oògùn). Oṣù kẹjọ, £35 (oògùn), £110 (ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga bàjẹ́). Ẹnu yà mí.

Ìdáhùn: Gbogbo àfikún yẹn jẹ́ £465, ìyẹn £155 lóṣù. Ogún oṣù ló kù kí ọdún márùn-ún tí o nílò kí o tó béèrè ìwé ìgbé títí pé. Owó ìwé náà di £3,029 ní oṣù kẹrin 2025, ìdánwò Life in the UK sì gba £50 mìíràn. £155 lọ́nà ogún jẹ́ £3,100. O rí i pé owó ìwé rẹ gan-an lò ń fi ránṣẹ́, ní wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n má sáré sọ pé o ò ní ránṣẹ́ mọ́ láàárín oṣù. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi dá ara mi lẹ́bi débi pé mo fi £200 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Padà sí ìwé tí o kọ, kí o pín in sí mẹ́ta.

Èkíní ni oògùn Bàámi. Ó wà lórí ìwé rẹ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wáyé lóṣooṣù kì í ṣe pàjáwìrì, owó oúnjẹ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń tọ́jú, oògùn yẹn kì í tán lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀. Fi £30 kún owó oṣù, kí ó di £330, kí Màámi má ṣe tún máa tọrọ rẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí àgbàlagbà máa tọrọ owó oògùn ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ lóṣooṣù.

Èkejì ni ẹ̀rọ omi àti tiransífọ́mà. £175 nìyẹn nínú oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀, kò sì ṣeé dá dúró. Ya £45 sọ́tọ̀ lóṣù fún irú èyí. Kò ní tó nígbà gbogbo, oṣù mẹ́ta tí o kọ yìí fúnra rẹ̀ jù ú lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni nǹkan kan kì í bàjẹ́, níbẹ̀ lo ti máa kó o jọ.

Ẹ̀kẹta ni aṣọ ẹbí, ìnáwó, gáàsì àti owó ilé ìwé. £200. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Owó ilé ìwé ní ọjọ́ tí a mọ̀ pé yóò dé, gáàsì náà yẹ kó wà nínú £300. Aṣọ ẹbí ní tirẹ̀, ìwọ àti Màámi lẹ máa jókòó sọ iye tó lè gbà lọ́dún.

Nínú £155, lẹ́yìn £30 àti £45, £80 ló ṣẹ́ kù, ti ìwé rẹ nìyẹn. Fún ogún oṣù, £1,600. Pẹ̀lú £400 tó wà nílẹ̀, £2,000. Ó ku £1,079, tó jẹ́ bíi £54 lóṣù. Ṣíìfù wákàtí mẹ́jọ kan sí i lóṣù, níbi iṣẹ́ rẹ gan-an, lórí £12.21 wákàtí kan bíi ti 2025, jẹ́ nǹkan bíi £98. Bí owó orí àti National Insurance bá yọ 28% nínú rẹ̀, £70 ṣẹ́ kù, owó ìfẹ̀yìntì sì lè bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó ṣì tó.

Ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, jẹ́ kí báńkì fúnra rẹ̀ yọ owó ìwé náà lọ sí àkáǹtì mìíràn kí o tó ránṣẹ́ sílé. Àkáǹtì tí o lè fọwọ́ kàn nígbàkigbà ni kó jẹ́, má tì í pa fún ọdún méjì nítorí èlé. Láti 2025 ni ìjọba ti ń sọ pé àwọn fẹ́ sún ọdún márùn-ún yẹn síwájú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, owó ìwé náà sì máa ń gòkè. Máa wò ó lórí ojúlé ìjọba ní gbogbo oṣù kẹrin.

Ìbéèrè: Áàpù tí mò ń lò kì í gba owó ìfiránṣẹ́ rárá. Ṣé ìyẹn náà kọ́ ló dára jù?

Ìdáhùn: Ó máa ń gbà á, inú iye tí ó ń ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà ló fi pa mọ́ sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: tí mo bá fi £300 sílẹ̀, náírà mélòó ló máa wọ àkáǹtì Màámi? Ká ní áàpù kan ò gba nǹkan kan ṣùgbọ́n ó ń san ₦1,960 fún pọ́n-ùn kan, òmíràn gba £2 ṣùgbọ́n ó ń san ₦1,990. Fún £300, ti àkọ́kọ́ á mú ₦588,000 dé ilé, ti èkejì á mú ₦593,020 dé. Èyí tó ń gba owó ló dára jù. Ṣùgbọ́n fi £40 dán an wò: ₦78,400 sí ₦75,620. Ó ti yí padà. Nítorí náà, tí o bá ń fi owó ńlá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wá èyí tó ń san náírà dáadáa. Fún kéékèèké, èyí tí kì í gba owó. Iye náà ń yí lójoojúmọ́, wo méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Ìbéèrè: £45 ti pàjáwìrì yẹn ńkọ́? Àbúrò mi ní kí n kúkú máa fi sí àkáǹtì òun nílé, kó lè wà nítòsí.

Ìdáhùn: Pọ́n-ùn ni kí o fi sílẹ̀. Kí wọ́n tó tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦480 ní báńkì. Nígbà tí 2024 ń parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó tọ́jú owó pàjáwìrì sí náírà nígbà yẹn, tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ wá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, owó ọwọ́ rẹ̀ lè má tó ra ìdajì ẹ̀rọ. Ẹni tó ní pọ́n-ùn rí i rà.

Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ tí ẹnìkan ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì ò ní dúró de pọ́n-ùn. Fi nǹkan bíi ₦50,000 sọ́wọ́ àbúrò rẹ, kí ó mọ̀ pé ti ilé ìwòsàn nìkan ni. Bó bá ná an, kó fi rìsíìtì ránṣẹ́, kí o dá a padà sí ₦50,000. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán an o. Owó tó bá wà nítòsí ni wàhálà ń kọ́kọ́ rí.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ yẹn náà, oúnjẹ gbówó lórí ju 40% lọ láàárín ọdún kan, nínú ìṣirò oṣù kẹfà 2024. Nítorí náà má jẹ́ kí o rò pé £330 rẹ ń sọ wọ́n di olówó nítorí pé náírà rẹ̀ pọ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, béèrè iye tí wọ́n ń ra kóńgò ìrẹsì àti oògùn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Màámi tí wọn ò fi ní rò pé òyìnbó ti yí mi padà?

Ìdáhùn: Má sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè owó. Pè wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí àfikún. “Màámi, ẹ kú ìsinmi. Láti oṣù tó ń bọ̀, owó oògùn Bàámi á máa bá ti oúnjẹ wọlé, ẹ ò ní máa pè mí lé e lórí mọ́. Mò ń kó owó ìwé tí wọn ò fi ní dá mi padà sílé. Oṣù ogún ló kù, ẹ bá mi mú un mọ́ra. Ohun tó bá bàjẹ́ tàbí àìsàn, ẹ pè mí kíákíá. Ti aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ ká mú méjì lọ́dún, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tó bá wù yín.”

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo sọ tèmi, wọ́n wá ní, “Èmi rò pé ẹ̀ ń ká owó lọ́hùn-ún ni.” Ọdún márùn-ún ni mo ti ń ránṣẹ́ nígbà yẹn, mi ò sì sọ iye tí owó ilé jẹ fún wọn rí. Sọ ọ́ fún wọn. Sọ pé o ní ṣíìfù tí o fi ẹsẹ̀ dúró fún wákàtí méjìlá.

Ìbéèrè: Mo sọ ọ́, wọ́n gbà. Wọ́n ní kí n máa fi owó oògùn sí àkáǹtì Bàámi, èyí tí àbúrò mi fi fóònù ṣí fún wọn. £30 àkọ́kọ́ ò tíì wọlé láti àná.

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ni kí o yẹ̀ wò. Ìkíní, ṣé orúkọ tí o tẹ̀ sínú áàpù bá ti báńkì mu? Bí báńkì bá ní Mọ́rúfù tí ìwọ sì tẹ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ládùúgbò, owó lè há. Ìkejì, àkáǹtì tí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù nìkan ṣí sábà máa ń wà ní ìpele kìíní: owó tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦300,000 lọ, iye tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kéré. Láti oṣù kẹta 2024, àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN, wọ́n lè má jẹ́ kí owó wọ inú rẹ̀ tàbí kí ó jáde.

Kí àbúrò rẹ mú Bàámi lọ sí báńkì pẹ̀lú NIN wọn, kí wọ́n gbé àkáǹtì náà sókè ìpele. Lọ sí áàpù rẹ, fagi lé £30 tó há tí wọ́n bá ṣì fàyè gbà á, kí o fi sí ti Màámi fún oṣù yìí. Tí ti Bàámi bá ti ṣí, £5 ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò.